Ìbàdí Ni Ẹrù Wà: Bí A Ṣe Ń Ṣe Ìrìn Ẹni Tó Ru Iṣu Nínú Káàtúùnù

Ìyá kan wà nínú káàtúùnù kékeré tí mo ń ṣe nípa ọjà. Ó ru abọ́ iṣu, ó ń bọ̀ láti ìdí ọkọ̀ lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Mo ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, mo ṣe ọwọ́ rẹ̀, mo sì ya iṣu náà títí dé ara èèpo. Nígbà tó di pé kó rìn, iṣu yẹn fúyẹ́ bí òwú. Ẹsẹ̀ ń lọ, ẹsẹ̀ ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa wò ó tí yóò gbà pé ẹrù wà lórí obìnrin yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tún ẹsẹ̀ ṣe kí n tó mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ ni àṣìṣe wà.

Mo gbé fóònù mi, mo lọ sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, èyí tí a tún ń pè ní Erékèsán. Mo kí ìyá oníṣu kan, mo ní, “Ẹ kú ọjà o, Màmá, ajé á wá o.” Mo bẹ̀ wọ́n pé mo fẹ́ ya fídíò ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n bá ń kó iṣu wọlé, pé ojú wọn ò ní hàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà. Nígbà tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, mo bi wọ́n bóyá ọrùn ló ń dùn wọ́n jù.

“Ọrùn kẹ̀? Ìbàdí ni o, ọmọ mi. Bí mi ò bá tíì fi ara ti ẹsẹ̀ kan dáadáa, mi ò lè gbé èkejì. Bí mo bá gbé e, ẹrù á fà mí lulẹ̀.”

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe káàtúùnù, ni mo ń lò, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi lẹ́ẹ̀dì yà á sórí ìwé lè lo àwọn nọ́ńbà kan náà.

Ẹ kọ́kọ́ ka ìṣísẹ̀

Ẹ má ṣí kọ̀ǹpútà títí ẹ ó fi mọ iye fúréèmù, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀ léra nínú fídíò, tí ìṣísẹ̀ kan ń gbà. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí fóònù wà ní gíga ìbàdí, kí ẹni náà kọjá níwájú yín láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Fóònù mi máa ń ya fúréèmù 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo kà á láti ìgbà tí gìgísẹ̀ ọ̀tún kan ilẹ̀ títí dé ìgbà tí gìgísẹ̀ òsì kan ilẹ̀. Nígbà tí Màmá ń padà lọ sídìí ọkọ̀ láìru nǹkan, 15 ni. Nígbà tí wọ́n ru iṣu bọ̀, 20 ni.

Káàtúùnù mi ń lo fúréèmù 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà 15 di 12, 20 sì di 16. 12 ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣe ìrìn ẹni tí ara rẹ̀ dá tí kò gbé nǹkan kan. Fún ìyá oníṣu, 16 ni a óò lò. Ìṣísẹ̀ ọ̀tún gba 16, ti òsì gba 16, àpapọ̀ 32. Nígbà tó bá di fúréèmù 33, ó ti padà sí bó ṣe wà ní fúréèmù 1, ìyẹn ni a fi ń pè é ní ìyípo.

Ìdúró mẹ́rin

Nínú ìṣísẹ̀ kan, ìdúró mẹ́rin ni a máa ń gbé kalẹ̀ fúnra wa kí kọ̀ǹpútà tó kún àárín wọn. Orúkọ tí mo ń pè wọ́n rèé. Ìkanlẹ̀ ni ìgbà tí gìgísẹ̀ iwájú ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ ba ilẹ̀, tí ẹsẹ̀ méjèèjì ya síra jù lọ. Ìwálẹ̀ tẹ̀ lé e: àtẹ́lẹsẹ̀ iwájú ti bo ilẹ̀, orúnkún rẹ̀ ká, ara sì lọ sílẹ̀ jù lọ. Ìrékọjá ni ìgbà tí ẹsẹ̀ kan dúró lábẹ́ ara, tí èkejì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbéra ló kẹ́yìn, tí gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ tó dúró bẹ̀rẹ̀ sí í gbé, tí ara ga jù lọ, tó sì fẹ́ ṣubú síwájú lọ bá ìkanlẹ̀ tó ń bọ̀.

Fún ìyá oníṣu, ìkanlẹ̀ wà ní fúréèmù 1, ìwálẹ̀ ní 4, ìrékọjá ní 9, ìgbéra ní 13, ìkanlẹ̀ òdìkejì ní 17. Ẹ ó rí i pé ìwálẹ̀ kò sí láàárín gbùngbùn ìkanlẹ̀ àti ìrékọjá. Ibi tí ó bá ojú mu lójú mi tẹ́lẹ̀ ni 5, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo fídíò, ẹrù máa ń já wálẹ̀ kíákíá, ó sì máa ń pẹ́ kí ara tó gbé e sókè padà. Láti ìkanlẹ̀, fúréèmù 3 ni ó fi wálẹ̀, ó sì fi 9 gòkè. Fúréèmù kan ṣoṣo tí mo fà sẹ́yìn yẹn hàn lójú ju bí mo ṣe rò lọ.

Ìkanlẹ̀: fúréèmù 1

Ìyá inú káàtúùnù mi ga ní 160 sẹ̀ńtímítà, ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìbàdí dé ilẹ̀ sì jẹ́ 80. Ẹni tó ru ẹrù kì í la ẹsẹ̀ púpọ̀, nítorí náà mo fún un ní ìṣísẹ̀ 48 sẹ̀ńtímítà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà ní 24 níwájú ìbàdí, ẹsẹ̀ òsì ní 24 lẹ́yìn. Gìgísẹ̀ ọ̀tún ló kan ilẹ̀, ọmọ-ìka rẹ̀ ṣì ga. Ti òsì, gìgísẹ̀ ti gbé, ọmọ-ìka ló tẹ ilẹ̀. Ìbàdí lọ sílẹ̀ ní 4 sẹ̀ńtímítà sí bó ṣe ga nígbà tó dúró ṣánṣán, apá ọ̀tún rẹ̀ sì yí síwájú díẹ̀, bíi dígírì 4, nítorí pé ẹsẹ̀ ọ̀tún fà á lọ. Ní ti ọ̀tún àti òsì, ìbàdí wà láàárín gan-an. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ẹ má jẹ́ kí orúnkún kankan nà gbọọrọ. Bí ẹsẹ̀ bá nà tán ní ìkanlẹ̀, orúnkún yóò ta pọ́ọ́n nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń kún àárín. Bí ẹ bá rí i tó ń ta bẹ́ẹ̀, ẹ rọ ìbàdí sílẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 1 ní fúréèmù yẹn, yóò lọ.

Ìkanlẹ̀ òdìkejì kò nílò kí ẹ tún un ṣe. Nínú Pose Mode, ẹ mú àwọn eegun tí a fi ń darí ara ìyá náà, ẹ tẹ `Ctrl+C`, ẹ lọ sí fúréèmù 17, ẹ tẹ `Ctrl+Shift+V`. Blender yóò yí ìdúró náà padà bí inú dígí, bí orúkọ àwọn eegun bá ti parí sí `.L` àti `.R`. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí 33, ẹ tẹ `Ctrl+V`, kí ti 1 gan-an wà níbẹ̀. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ `I` láti fi pamọ́.

Ohun kan wà tó bà mí nínú jẹ́ níbí. Ọwọ́ ọ̀tún ìyá yìí di etí abọ́ mú. Nígbà tí mo mú gbogbo eegun tí mo sì yí i padà, ọwọ́ òsì ló di abọ́ mú ní fúréèmù 17, ọ̀tún sì já sílẹ̀, ó wá ń pààrọ̀ ọwọ́ ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ìbàdí, ọ̀pá ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ nìkan ni kí ẹ yí. Ẹ ṣe ọwọ́ lọ́tọ̀.

Ìrékọjá: fúréèmù 9

Ibí ni mo ti kùnà. Mo gbé ìkanlẹ̀ méjèèjì kalẹ̀, wọ́n rẹwà, mo sì fi àárín sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ẹrù wà. Ní ìkanlẹ̀ 1, ìbàdí wà láàárín. Ní ìkanlẹ̀ 17, ó wà láàárín. Kí ni kọ̀ǹpútà yóò ṣe? Yóò fà á láti àárín dé àárín, kò ní yà sí ibì kankan. Ìyá náà wá ń lọ bí ẹni tí wọ́n fi okùn so kọ́ òkè, tí ẹsẹ̀ kàn ń mì nísàlẹ̀.

Ẹ rò ó bí ara ṣe ń ṣe é. Ní fúréèmù 9, ẹsẹ̀ òsì wà ní afẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló gbé ìyá, abọ́ àti iṣu dúró. Bí ara bá ṣì wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, apá òsì kò ní ohun tó gbé e, yóò ṣubú sí òsì. Nítorí náà ìbàdí gbọ́dọ̀ ti sún sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún kó tó di ìgbà yẹn. Ohun tí Màmá ń sọ nìyẹn nígbà tí wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ fi ara ti ẹsẹ̀ kan ná.

Ẹ tẹ `Numpad 1` kí ẹ lè wo ìyá láti iwájú, kí ẹ sì gbé ìbàdí lọ sí apá ọ̀tún rẹ̀ ní 3 sẹ̀ńtímítà. Láti iwájú ni kí ẹ máa wò ó. Ẹni tó bá ń wo ìrìn láti ẹ̀gbẹ́ nìkan kò lè rí ìwúwo. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé 3 tó rèé. Ẹ fojú fa ìlà kan láti góńgó orí tààrà dé ilẹ̀. Àárín àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún tèmi wà ní 5 sẹ̀ńtímítà sí ìlà àárín ara. Ìlà tí ẹ fà gbọ́dọ̀ bọ́ sí apá inú àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn, kó má dé àárín rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kò sí ìwúwo. Bí ó bá kọjá sí etí òde àtẹ́lẹsẹ̀, ìyá yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Ẹni tó ń rìn kì í gbé ara rẹ̀ dé orí ẹsẹ̀ tán, nítorí pé ó ti mọ̀ pé òun fẹ́ padà sí òdìkejì láìpẹ́.

Ẹ tún dẹ apá òsì ìbàdí sílẹ̀ ní dígírì 4. Ẹsẹ̀ tó wà ní afẹ́fẹ́ wúwo fúnra rẹ̀, ó sì ń fa apá tirẹ̀ wálẹ̀. Àwọn kan máa ń gbé apá yẹn sókè, wọ́n rò pé bí ẹsẹ̀ ṣe gbéra ni ìbàdí náà ṣe gbéra. Ó máa ń jọ ìrìn ẹni tó ń tiro. Orúnkún òsì ká, ọmọ-ìka rẹ̀ fi 2 tàbí 3 sẹ̀ńtímítà ga kúrò nílẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tó ru ẹrù kì í gbé ẹsẹ̀ sókè láìnídìí.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó dúró ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ ẹni tí kò ru nǹkan ni, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán. Tiwa ká díẹ̀, ìbàdí sì wà ní 3 sẹ̀ńtímítà sísàlẹ̀. Orúnkún tó ká nígbà tó yẹ kó nà, òun ló ń sọ fún ojú pé ẹrù ń tẹ ẹni yìí.

Àárín ìdúró wọ̀nyẹn

Ìwálẹ̀, ní fúréèmù 4: ìbàdí wà ní 5.5 sísàlẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún bo ilẹ̀. Ìgbéra, ní 13: ìbàdí wà ní 2.5 sísàlẹ̀. Ẹ ó rí i pé láti ibi tó lọ sílẹ̀ jù dé ibi tó ga jù kò ju 3 sẹ̀ńtímítà lọ. Ẹni tó ń rìn lọ́wọ́ òfo máa ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ru abọ́ kò fẹ́ kí ó máa fò lórí òun, orúnkún ló fi ń gba gbogbo rẹ̀.

Ní ti sísún sí ẹ̀gbẹ́, ìbàdí wà ní 0 ní fúréèmù 1, ó ti dé 2 ní fúréèmù 4, ó dé 3 ní 9, ó padà sí 2 ní 13, ó sì di 0 ní 17 kó tó kọjá sí òsì. Nọ́ńbà tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni 2 tó wà ní fúréèmù 4. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kì í kúrò nílẹ̀ ní kété tí ti iwájú bá kàn án. Nínú ìyípo kan, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń wà nílẹ̀ fún bíi 60 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò, ó sì ń wà ní afẹ́fẹ́ fún bíi 40. Nínú fúréèmù 32 tiwa, ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀ ní fúréèmù 1 kò ní gbéra títí di nǹkan bíi 20, ìyẹn ìwálẹ̀ òdìkejì. Fúréèmù mẹ́ta tí ẹsẹ̀ méjèèjì fi wà nílẹ̀ pọ̀ yìí ni ìbàdí ní láti fi gbé ẹrù láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Bí ìbàdí bá pẹ́ ju ẹsẹ̀ lọ, tí ẹsẹ̀ òsì ti gbéra ní fúréèmù 4 tí ìbàdí ṣì wà ní 0, ojú yóò rí i pé irọ́ ni, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ irọ́ náà.

Ẹ ṣe ẹ̀dà ìdúró mẹ́ta wọ̀nyí náà ní yíyípadà: 4 sí 20, 9 sí 25, 13 sí 29.

Ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yọ̀

Nítorí pé ìyá ń rìn lójú kan náà, ilẹ̀ ló ń sá sẹ́yìn lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ilẹ̀ lọ ní ìwọ̀n kan náà ní gbogbo fúréèmù: 48 ÷ 16 = 3 sẹ̀ńtímítà. Ní fúréèmù 1 ó wà ní 24 níwájú, ní 9 ó wà ní 0 lábẹ́ ara, ní 17 ó wà ní 24 lẹ́yìn. Blender fúnra rẹ̀ kò ní ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, kó yára láàárín, kó tún rọra dúró, ẹsẹ̀ yóò sì máa yọ̀ bí ẹni tó tẹ epo. Ẹ ṣí Graph Editor, níbi tí Blender ti ń fi ìlà hàn bí nǹkan ṣe ń sún, ẹ mú ìlà iwájú-sẹ́yìn ti ẹsẹ̀ náà láàárín 1 sí 17, ẹ tẹ `T`, ẹ yan Linear. Ìlà náà yóò tọ́ bí okùn tí wọ́n fà.

Gìgísẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ní bíi fúréèmù 12. Láti ìgbà yẹn, ọmọ-ìka ni kí ẹ máa ṣọ́ bóyá ó ń bá ìwọ̀n 3 lọ, nítorí pé òun ló kù lórí ilẹ̀. Mo máa ń gbé àpótí kékeré kan sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì, tí mo mú kó máa sá sẹ́yìn ní 3 sẹ̀ńtímítà, kí n lè rí i bóyá ẹsẹ̀ ń bá a lọ.

Ọ̀pá ẹ̀yìn, orí àti abọ́

Ìbàdí ń dẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ní dígírì 4, abọ́ iṣu kò sì gbọ́dọ̀ dẹ̀. Nǹkan kan láàárín wọn ní láti gba ìdẹ̀ náà. Ọ̀pá ẹ̀yìn ni. Eegun ẹ̀yìn méjì ni mo ní. Mo yí ọ̀kọ̀ọ̀kan padà ní dígírì 2 sí òdìkejì ìbàdí, orí sì dúró gbọn-in. Tí ẹ bá gbé ọwọ́ bo ìsàlẹ̀ ara mọ́lẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, orí àti abọ́ yẹ kí wọ́n máa lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Tí ẹ bá gbé ọwọ́ bo òkè, ìbàdí yẹ kó máa ṣiṣẹ́ gan-an.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ìlà òkè-sísàlẹ̀ ti àyà nínú Graph Editor, ẹ sún un síwájú ní fúréèmù 1, kí ẹ sún ti orí ní 2. Ara kì í wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbàdí ló ń kọ́kọ́ lọ, òṣùká àti abọ́ ló ń gbọ́ ọ kẹ́yìn. Kí ìlà náà má bàa já níbi tó ti sún, ẹ mú gbogbo ìlà, ẹ tẹ `Shift+E`, ẹ yan Make Cyclic (F-Modifier).

Ọwọ́ òsì ló ń fì. Ó wà níwájú ní fúréèmù 1 pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wà lẹ́yìn ní 17. Kó má fì púpọ̀, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún tó di abọ́ mú kò jẹ́ kí èjìká yí bó ṣe fẹ́.

Kí ẹ tó gbé e lọ sínú àwòrán

Ẹ fi End, ìyẹn fúréèmù ìparí, sí 32, kì í ṣe 33. 33 àti 1 jẹ́ ìdúró kan náà. Bí méjèèjì bá hàn, ìyá yóò máa dá dúró fìrí ní gbogbo ìyípo. Ẹ tẹ Spacebar, ẹ jẹ́ kó máa yí, ẹ wò ó láti iwájú, láti ẹ̀yìn, láti ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá ń jọ ẹni tó ń léfòó, ẹ dá a dúró ní 9 kí ẹ fa ìlà yẹn láti orí dé ilẹ̀. Bí ìlà bá bọ́ síbi tó yẹ, tó sì ṣì fúyẹ́, ẹ wo fúréèmù 4 bóyá ìbàdí ti kúrò láàárín.

Ìyípo yìí wà fún ilẹ̀ títẹ́jú nìkan. Ẹ má gbé e lọ sórí àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè. Níbẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ló ń fa ara sókè, nọ́ńbà kan nínú èyí kò sì ní bá a mu.

Ní ìkẹyìn, ìyá ní láti kúrò lójú kan. Ìyípo kan jẹ́ ìṣísẹ̀ méjì, ìyẹn 96 sẹ̀ńtímítà. Láti ìdí ọkọ̀ dé ìsọ̀ nínú àwòrán mi jẹ́ mítà 12, èyí tó jẹ́ ìyípo 12 àti ààbọ̀, fúréèmù 400. Mo fi ìbẹ̀rẹ̀ sí fúréèmù 1, òpin sí 401, mo sọ ìlà ìrìnàjò náà di Linear, ó sì parí sí ìkanlẹ̀ ẹsẹ̀ òsì, níbi tí ìsọ̀ wà, tí àwọn ọmọ ti na ọwọ́ láti bá a sọ abọ́ kalẹ̀.